Lẹ́tà Tó Yẹ Kó Wà Lọ́wọ́ Àǹtí Tó Ń Bá Yín Tọ́jú Ọmọ

Ìyá kan kọ̀wé sí wa láti Ìdúmàgbò. Wọ́n ní àbúrò àwọn ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ nílùú ọba, wọ́n sì fẹ́ fi ọmọ méjì sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn títí ọ̀nà yóò fi là fún wọn láti kó wọn lọ. Ọmọ ọdún 11 ni èyí ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 6 sì ni àbúrò. Àbúrò yìí jẹ́ SS. Wọ́n ti fún ìyá yìí ní ìwé, àmọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ, pé: “Mo yọ̀ǹda àwọn ọmọ mi fún ẹ̀gbọ́n mi kí ó máa tọ́jú wọn.” Ọkọ nìkan ló fọwọ́ sí i. Ìyá wá ń béèrè pé ṣé ìwé yẹn tó, àbí àwọn kàn ń da ara àwọn láàmú.

Ẹ ò da ara yín láàmú rárá, Mà. Ìwé yẹn kò tó, bó sì ṣe wà yẹn, ó lè kó bá ẹ̀yin àti àwọn òbí ọmọ. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn ló wà nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, mo ní kí n fi ojú ewé tòní dá yín lóhùn.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ báyìí kò fara sin. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ẹni tó bá ń wá tọ́jú àwọn arúgbó àti aláìsàn, iṣẹ́ tí àwọn èèyàn wa ń pè ní kẹ́à, kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ kẹ́à mọ́ àwọn tó fẹ́ gbà á láti òkè òkun. Àmọ́ àwọn tó ti lọ ṣáájú ṣì wà lọ́hùn-ún, ọmọ wọn sì wà níbí. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi tí òfin gbà láyè láti mú ọmọ dání náà sábà máa ń kọ́kọ́ dá lọ, kí wọ́n lè rí ilé gbà. Ta ló wá ń tọ́jú ọmọ? Àǹtí ni.

Ẹ̀yin àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó lè sọ pé kí ló tuntun níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ọmọ tí òbí rẹ̀ wà ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, kó máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ẹnu Ọwá, ẹnikẹ́ni kì í kọ lẹ́tà sí i. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ náà kò bá yá, kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ti sọdá afárá, ó ti dé. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Mansẹ́sítà kò lè sọdá afárá kankan. Àwọn mìíràn pàápàá kò lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìgbàṣẹ. Àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tí òbí lè fọhùn, ohun tí lẹ́tà yìí fẹ́ dí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí lẹ́tà náà jẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ di òfin tirẹ̀ lọ́dún 2007, sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọ ni. Òbí ni ẹrù ọmọ yìí wà lọ́rùn wọn. Alágbàtọ́ tí òfin mọ̀ délẹ̀délẹ̀, kóòtù ló ń yàn án, ìyẹn kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹbí àti ọmọdé. Lẹ́tà tí òbí fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò lè ṣe iṣẹ́ kóòtù. Ohun tó lè ṣe ni pé ó ń sọ fún tíṣà, fún dókítà àti fún ọlọ́pàá pé: “Ẹni yìí ń ṣe é lórúkọ wa.” Ẹ ò fi ọmọ tọrẹ. Ẹ kàn ní kí ẹnì kan bá yín di ẹrù mú fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ “yọ̀ǹda ọmọ mi fún” tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Màá tún padà sórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ìwé onílà kan yẹn lọ sí ọsibítù ká wò ó. Ká ní agogo mẹ́wàá alẹ́ ni. Inú ti ń run ọmọ ọdún 11 yẹn láti àárọ̀. Níbi ìdodo ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Kò fẹ́ jẹun, ó bì lẹ́ẹ̀mejì, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, bó bá sì ń rìn, á tẹ̀ síwájú. Àǹtí gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà tẹ ikùn rẹ̀, ó ní àpẹ́ńdíìsì ni, kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ lóru yẹn. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ di ọ̀la tàbí ọ̀túnla, ó lè bẹ́ sínú, ọ̀rọ̀ á sì di ńlá.

Nọ́ọ̀sì á wá mú fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda wá. Mo ti mú fọ́ọ̀mù yẹn lọ bá àwọn ẹbí aláìsàn lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì mọ ìbéèrè tí a máa ń béèrè: kí lẹ jẹ́ sí ọmọ yìí? Bí wọ́n bá ti ní àǹtí ni àwọn, ìbéèrè kejì ni pé òbí rẹ̀ ńkọ́? Àǹtí á wá mú ìwé onílà kan yẹn jáde. Ó ní kí wọ́n “tọ́jú” ọmọ. Ṣé ìtọ́jú yẹn kan pé kí wọ́n la ikùn rẹ̀? Ìwé kò sọ. Bàbá nìkan ló fọwọ́ sí i. Ṣé ìyá ọmọ mọ̀ sí i? Ìwé kò sọ. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé dókítà náà ti bá ẹbí kan lọ sí kóòtù rí, á fẹ́ gbọ́ ohùn òbí kó tó mú abẹ. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìlú ọba.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé aago ibẹ̀ ló ń fa wàhálà. Kì í ṣe aago. Nígbà ooru wọn, aago wa àti tiwọn kò yàtọ̀. Nígbà òtútù, wákàtí kan péré la fi ṣíwájú wọn. Iṣẹ́ òru ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó kì í gbà kí òṣìṣẹ́ mú fóònù dání lẹ́nu iṣẹ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni fóònù ìyá máa wà títí ilẹ̀ fi máa mọ́.

N kò sọ pé wọ́n á fi ọmọ sílẹ̀ kó kú o. Òfin ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2014 sọ pé dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà tàbí kó fi oṣù mẹ́fà jura. Nítorí náà, ọmọ tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ láìwo lẹ́tà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni àárín: ọmọ kò tíì máa kú, àmọ́ kò yẹ kó dúró di àárọ̀. Wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n bá fi ń pe fóònù níbẹ̀, ọmọ ló ń jẹ ẹ́.

Ó dáa, irú lẹ́tà wo ló yẹ kó wà lọ́wọ́ àǹtí? Mo kọ ọ̀kan sísàlẹ̀ yìí lédè wa, kí ẹ̀yin tí kì í ka Gẹ̀ẹ́sì lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Lọ́yà lè bá yín kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì fún ọsibítù àti ilé ìwé.

“Àwa, (orúkọ bàbá) àti (orúkọ ìyá), ni a bí àwọn ọmọ méjì wọ̀nyí: (orúkọ wọn ní kíkún, ọjọ́ ìbí wọn, nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí ìbí wọn). Nítorí pé a ń lọ ṣiṣẹ́ ní òkè òkun, a ti bẹ (orúkọ àǹtí), ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tó ń gbé ní (àdírẹ́sì), pé kó máa tọ́jú wọn lórúkọ wa láti ọjọ́ báyìí títí di ọjọ́ báyìí, tàbí títí ọ̀kan nínú wa yóò fi padà wá mú wọn, èyí tó bá ṣáájú.

“Ó lè mú wọn lọ sí ilé ìwé, kó lọ gbà wọ́n, kó lọ sí ìpàdé òbí, kó gba èsì ìdánwò wọn. Ó lè mú wọn lọ sí ọsibítù, kó sì fọwọ́ sí àyẹ̀wò, oògùn, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti gbígbà wọ́n sí wọ́ọ̀dù.

“Bí dókítà bá ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ tàbí kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, kó kọ́kọ́ pè wá lórí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Bí kò bá rí wa bá sọ̀rọ̀, tí dókítà sì ní ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é dúró, a fún un láṣẹ kó fọwọ́ sí i lórúkọ wa. A fara mọ́ ọn pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ wa lára nígbà tó bá pọn dandan.

“Kò gbọdọ̀ mú wọn jáde kúrò ní Nàìjíríà, kò gbọdọ̀ fi wọ́n fún ẹlòmíràn tọ́jú, kò sì gbọdọ̀ yí orúkọ, ilé ìwé tàbí ẹ̀sìn wọn padà láìjẹ́ pé a fọwọ́ sí i. Bí ara òun alára kò bá yá, (orúkọ ẹnì kejì) ni kó máa ṣe é dípò rẹ̀. Àwa ni a óò máa pinnu ọ̀rọ̀ ńlá lórí àwọn ọmọ, àwa ni a óò sì máa san owó ilé ìwé, oúnjẹ àti ìtọ́jú wọn. Owó oúnjẹ yóò máa wọlé láàárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ karùn-ún oṣù.”

Lẹ́yìn náà ni bàbá àti ìyá á fọwọ́ sí i, àǹtí náà á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun gbà, á sì fọwọ́ sí i. Kí ẹ̀rí méjì tí kì í ṣe ará ilé kan náà wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wo ibi tí a ti sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ yẹn. Ọmọ inú rírun yẹn, ibẹ̀ ló máa gbà á. Kò ní kí àǹtí ṣe ohun tó wù wọ́n, kò sì ní kí wọ́n jókòó máa wo fóònù. Ẹ pè, bí ẹ ò bá rí wọn, tí dókítà sì ní kò ṣe é dúró, ẹ fọwọ́ sí i. Kí dókítà náà kọ ọ́ sínú fáìlì pé wọ́n pè, iye ìgbà tí wọ́n pè, àti aago tí wọ́n pè. Nọ́ńbà tí ẹ máa kọ síbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti Wásáàpù nìkan. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ibi iṣẹ́ wọn gan-an sí i, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru á lọ pe ìyá wá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí mo kọ síbẹ̀, ẹ má ṣe fò ó. Bí ẹ̀sìn òbí kò bá fara mọ́ fífa ẹ̀jẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún àǹtí lójúkorojú kí ẹ tó lọ. Kó má di pé òru ọjọ́ kan ni wọ́n á máa gbọ́ ọ. Síbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òbí pàápàá ní ibi tó mọ. Lọ́dún 1997, ní Lẹ́kí níbí, ìyá kan kọ̀ pé kí wọ́n má fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ òun tí kò tíì pé oṣù méjì lára. Ọlọ́pàá lọ sí kóòtù Májísíréètì, kóòtù pàṣẹ, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà, ó sì yè. Ẹjọ́ yẹn rìn títí ó fi dé kóòtù tó ga jù lọ ní Nàìjíríà lọ́dún 2019, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì ní ohun tó dáa fún ọmọ náà ló gbọdọ̀ borí ìfẹ́ ìyá rẹ̀.

Nípa ọmọ tó jẹ́ SS, lẹ́tà nìkan kò tó. Ẹ fi ìwé ojú kan mọ́ ọn tí ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ ìlera rẹ̀ sí, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n bá yín kọ ọ́. Jẹ́nótáìpù rẹ̀ àti irú ẹ̀jẹ̀ tó ní gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn òbí máa ń gbàgbé jù ni iye tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ yá, ìyẹn PCV. Ọmọ SS púpọ̀ ló wà tí PCV wọn kì í ju 22 tàbí 25 lọ, wọ́n á sì máa ṣeré kiri. Dókítà tí kò mọ̀ ọ́n rí, bó bá rí 22, ó lè rò pé ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ọmọ, kó ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tí kò nílò sí i. Bó bá sì jẹ́ 25 ló máa ń ní, tó wá rí 16, á tètè mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ìlà kan yẹn lórí ìwé wúlò ju àlàyé wákàtí kan tí àǹtí fẹ́ ṣe lọ.

Ẹ kọ oògùn tó ń lò síbẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe ń lò ó: fólíìkì ásíìdì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú un, àti háídírọ́ksíyúríà bí dókítà bá ti fi í sórí rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, kì í ṣe oògùn tí èèyàn kàn ń rà lọ́dọ̀ kẹ́míìsì kó máa fún ọmọ lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò lóòrèkóòrè, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n ní kó padà wá síbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ẹ sì kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà pé bí ara ọmọ yìí bá gbóná tó 38, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe ká fi omi tútù nù ún di àárọ̀. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tètè máa ń pa ọmọ SS. Kí àǹtí ra tẹmómítà kan sílé. Bákan náà ni bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun lójijì, tàbí tí apá òsì ikùn rẹ̀ wú tó sì le, kí wọ́n má ṣe dúró gba ẹnikẹ́ni láyè láti dá ìmọ̀ràn mìíràn.

Mo tún fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin òbí: ọjọ́ wo lẹ gbọ́ pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àǹtí yín wò kẹ́yìn? Àwa ọmọ Yorùbá kì í fẹ́ béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ àgbà. Àmọ́ ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ń gbé lókè ilé alájà mẹ́ta nínú ilé ẹbí ní Òkè Àrìn, ó yẹ ká mọ ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ orúkọ ẹnì kejì sínú lẹ́tà nìyẹn.

Bàbá nìkan kọ́ ni kó fọwọ́ sí i. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, a mọ̀ pé ẹbí bàbá máa ń sọ pé àwọn ló lọmọ, ẹbí ìyá náà kì í sì í jókòó wòran. Bí ìyá kò bá fọwọ́ sí i, ọjọ́ tí ìjà bá dé, àbúrò ìyá lè wá kó ọmọ ní ilé ìwé, ẹ̀gbọ́n bàbá á mú ìwé jáde, tíṣà kò sì ní mọ ẹni tí òun máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ ka lẹ́tà náà sétí olórí ẹbí níwájú ẹbí méjèèjì kí ẹ tó lọ. Kí àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ti mọ ohun tó ń lọ, ó sì yẹ kó gbọ́ ọjọ́ tí ẹ kọ síbẹ̀ lẹ́nu yín.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ gbé e lọ búra lé lórí ní kóòtù, níwájú kọmíṣánnà ìbúra, tàbí kí ẹ gbé e lọ bá lọ́yà tó jẹ́ nọ́tárì. Ìgbòṣèrè ni ọ̀pọ̀ ará Àìlàǹdì máa ń lọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dáná sun kóòtù ibẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 2020. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń sáré tẹ̀ lé èèyàn lẹ́nu géètì kóòtù pé àwọn á bá yín gba ìwé ìbúra jáde láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ ṣe máa mọ ojúlówó kò le: ẹni tó ń búra gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kó fọwọ́ sí i lójú kọmíṣánnà, kí kọmíṣánnà fi orúkọ, ọjọ́ àti òǹtẹ̀ kóòtù sí i, kí ẹ sì gba rìsíìtì owó ìjọba. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi owó sílẹ̀, kí ẹ máa lọ, àwọn á bá yín fọwọ́ sí i, ayédèrú ni.

Bí àǹtí kò bá mọ̀wé, ẹ má kàn tẹ ìka wọn sínú yíǹkì. Òfin wa ń dáàbò bo ẹni tí kò kàwé. Wọ́n gbọ́dọ̀ ka gbogbo lẹ́tà náà sí wọn létí ní Yorùbá, kí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé a ti kà á, a ti túmọ̀ rẹ̀, ó sì yé wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka. Ẹni tó kọ ìwé náà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i.

Bí òbí bá ti lọ kí wọ́n tó rántí ńkọ́? Àǹtí kò lè bá wọn búra ní Èkó. Àwọn fúnra wọn ló máa lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà, èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wà ní òpópónà Nọtọ́mbàlándì, tàbí kí wọ́n lọ bá nọ́tárì tó wà ní ìlú tí wọ́n ń gbé. Kí wọ́n fi ojúlówó ìwé náà ránṣẹ́, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ nìkan.

Mo ní màá padà sórí ọ̀rọ̀ “yọ̀ǹda ọmọ mi fún”. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá là, bóyá ìyá ti kúrò nídìí iṣẹ́ kẹ́à bọ́ sí iṣẹ́ tó gbà á láyè láti mú ọmọ wá, wọ́n á béèrè físà fún ọmọ. Bó bá jẹ́ òbí kan ṣoṣo ló wà lọ́hùn-ún, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń béèrè pé ta ló ń pinnu ọ̀rọ̀ ayé ọmọ yìí látọjọ́ yìí wá. Ilé ẹjọ́ wọn ti ṣàlàyé lọ́dún 2006, nínú ẹjọ́ ẹnì kan láti Yẹ́mẹ̀nì, pé òbí tó wà lókè òkun lè gbé ìtọ́jú ojoojúmọ́ fún ẹbí, kó sì ṣì jẹ́ pé òun ló ń darí ọmọ. Àmọ́ bí ìwé tó ti búra lé lórí bá sọ pé ó ti yọ̀ǹda ọmọ fún ẹ̀gbọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ pé “lórúkọ wa”, tí mo sì ní àwọn òbí ló ń pinnu ọ̀rọ̀ ńlá, tí wọ́n ń san owó. Kí wọ́n sì máa ṣe é lóòótọ́: kí wọ́n máa bá tíṣà sọ̀rọ̀ fúnra wọn, kí wọ́n tọ́jú rìsíìtì owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí lẹ́tà yìí kò lè ṣe. Bí òbí bá kú, agbára rẹ̀ ti pin. Ẹni tí ẹ fẹ́ kó tọ́ ọmọ yín bí ẹ kò bá sí mọ́, inú ìwé ìhágún lẹ máa kọ orúkọ rẹ̀ sí, ẹ bá lọ́yà sọ ọ́ lọ́tọ̀.

Ẹ̀dà lẹ́tà náà máa lọ sí ilé ìwé, sí ọsibítù tí ọmọ SS ti ń gba ìtọ́jú, àti sọ́wọ́ olórí ẹbí. Ojúlówó á wà lọ́wọ́ àǹtí, pẹ̀lú ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù òbí méjèèjì, ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn, nínú àpò kan ṣoṣo tó ṣe é fà yọ lóru láìtan iná. Ẹ má ṣe kọ ọ́ fún ọdún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún kan tó. Bó bá ku oṣù méjì kó parí, kí àǹtí ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n lọ fọwọ́ sí òmíràn, torí pé lẹ́tà tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, bébà lásán ni lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ yẹn.